Ṣé O Mọ̀ Pé Ṣọ́jà Kan Ṣoṣo Kò Lè Dá Dìtẹ̀?

Bọ́ọ̀sì ti kúrò ní Máìlì Túù. Kọ̀ǹdọ́ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń ké tantan: "Bárékè! Fọ́kìsì! Ìyànà Ìbà! Òkokomáíkò!"

O ti gbọ́ orúkọ àkọ́kọ́ yẹn tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Bárékè Ọ̀jọ́ ni. O máa ń kọjá níwájú géètì rẹ̀, o máa ń rí ṣọ́jà tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, wàá sì yáa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé yàtọ̀ sí òfin tó de èmi àtìrẹ, àwọn tó wà nínú ọgbà yẹn tún ní òfin tiwọn àti kóòtù tiwọn? Ṣọ́jà ló ń jẹ́jọ́. Ṣọ́jà náà ló ń dájọ́.

Sún mọ́bí. Jẹ́ n sọ ọ́ fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá bínú nítorí owó oṣù, tí wọ́n kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì lásán ni? Wọ́n á gbé pákó lọ́wọ́, wọ́n á kọrin, tó bá yá wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ṣọ́jà bá dán irú rẹ̀ wò, ìdìtẹ̀ lòfin ń pè é.

Ṣọ́jà mélòó? Gbọ́ ná: méjì péré!

Abala 52 nínú Òfin Àwọn Ológun Nàìjíríà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí òfin ológun dè para pọ̀ láti tàpá sí àṣẹ, ìdìtẹ̀ ti délẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣàìgbọràn. Ó lè sá lọ. Ṣùgbọ́n kò lè dá nìkan dìtẹ̀, bó ti wù kó bínú tó.

Ó tún kù. Bí o bá jẹ́ ṣọ́jà, tí o mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń gbìmọ̀ ìdìtẹ̀, tí o dákẹ́, tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ náà ti ṣẹ̀. Kí o ṣáà ti mọ̀, kí o panu mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mò ń sọ? Jẹ́ ká lọ sí Àkúrẹ́.

Oṣù keje ọdún 2008. Àwọn ṣọ́jà kan ti dé láti Làìbéríà, níbi tí wọ́n ti lọ ṣọ́ àlàáfíà lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n ní owó àjẹmọ́nú tó tọ́ sí àwọn kò pé. Wọ́n jáde sí ìgboro Àkúrẹ́, wọ́n dí ọ̀nà, mọ́tò ò lè lọ, mọ́tò ò lè bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbàjọba o. Owó ni wọ́n ń béèrè.

Ṣé o tiẹ̀ mọ̀ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kì í san owó yẹn lé ṣọ́jà lọ́wọ́? Ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n ń san án fún. Láyé ìgbà yẹn, iye rẹ̀ jẹ́ 1,028 dọ́là lórí ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ìjọba ni yóò wá pinnu iye tí yóò kan ọmọ ogun lọ́wọ́. Láàárín ibi tí owó ti ń jáde àti ibi tó ń lọ, ọwọ́ pọ̀ lọ́nà!

Kí ni àwọn tó dí ọ̀nà rí gbà? Kóòtù ológun jókòó lé wọn lórí níbẹ̀ ní Àkúrẹ́, Bìrìgédíà-Jẹ́nẹ́rà Ishaya Bauka ni alága. Oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìdájọ́ jáde.

Ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀wọ̀n gbére. Gbogbo wọn!

Ẹ̀wọ̀n gbére lórí owó àjẹmọ́nú. Mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó yani lẹ́nu jù nìyí: kóòtù kò bi wọ́n bóyá owó wọn pé tàbí kò pé. Kódà, wọ́n gbé àwọn ọ̀gá mélòó kan náà lọ sílé ẹjọ́ lórí owó ọ̀hún. Èyí kò gba àwọn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà là. Ohun tí òfin ń wò ni pé ṣé ẹ para pọ̀, ṣé ẹ tàpá sí àṣẹ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ owó dọ̀tọ̀, ẹjọ́ ìdìtẹ̀ dọ̀tọ̀.

Dúró ná, má tíì sunkún. Ìtàn yẹn kò parí síbẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ wọ inú kóòtù wọn ná.

Bàbá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà LASU tó ń ta ṣájà àti báńdì aago. Ṣọ́jà àtijọ́ ni. Mo lọ ra ṣájà, mo fi ìdajì wákàtí jókòó tì í. Ó ní bí ṣọ́jà bá fẹ́ wọlé síwájú ọ̀gá láti jẹ́jọ́ kékeré, fìlà rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n á tún já bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. Ṣọ́jà méjì á há a sáàárín, sájẹ́ǹtì á máa ké "lẹ́fù-ráìtì, lẹ́fù-ráìtì" bí ìgbà tí nǹkan ń jóná, wọ́n á sáré gbé e wọlé.

Bàbá náà dìde, ó fi hàn mí. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé! Ó ṣí fìlà, ó na apá ṣánṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹsẹ̀ lulẹ̀ láàárín ṣájà. Àwọn tó ń wọ kẹ̀kẹ́ dúró wòran.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń gba bẹ́líìtì? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irin orí bẹ́líìtì yẹn lè fọ́ orí ọ̀gá.

Èyí tí mo sọ yìí, ẹjọ́ iwájú ọ̀gá ni o. Ẹjọ́ ńlá ló ń lọ sí kóòtù ológun.

Ṣé o mọ̀ pé kóòtù náà kò ní ilé tirẹ̀? Kò sí adájọ́ tó ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ bí ti kóòtù Ọ̀jọ́. Ọ̀gá àgbà kan ló máa fi ìwé pè é nítorí ẹjọ́ kan. Wọ́n á kó àwọn ọ̀gá ológun jọ sínú gbọ̀ngàn bárékè. Bí ẹjọ́ bá parí, kóòtù túká, oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó tóbi gbọ́dọ̀ ní alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Èyí tó kéré ń béèrè alága àti ẹni méjì. Bó bá jẹ́ ẹni méjì yẹn péré ló wà pẹ̀lú alága, wọn ò lè dá ẹ̀wọ̀n tó ju ọdún kan lọ, áńbọ̀ńtórí ikú.

Ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ agbẹjọ́rò. Òun ló ń sọ fún wọn ohun tí òfin wí. Ṣùgbọ́n bí ìbò bá dé, kò ní í dìbò! Ẹni tó mọ òfin jù nínú ilé ni kò ní ìbò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ọ̀gá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó jókòó máa retí. Adúródè ni. Ẹni tó ń jẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wo ojú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, kó ní "Èmi ò fẹ́ eléyìí, ó kórìíra mi." Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, tí wọ́n yọ ẹni náà, adúródè á bọ́ sórí àga. Bí ti bẹ́ǹṣì nínú bọ́ọ̀lù!

Nígbà tí ìbò bá sì tó, ta ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀? O máa ní ọ̀gá pátápátá. Irọ́ ni. Ẹni tó kéré jù ló kọ́kọ́ ń dá sí i, kí ẹnu ọ̀gá má baà pa ti ọmọdé. Bí ìgbìmọ̀ baálẹ̀ ni, tí baálẹ̀ kì í sọ tirẹ̀ àfi bí gbogbo ẹnu bá ti dákẹ́.

Bó bá wá jẹ́ ọ̀gá ló ń jẹ́jọ́ ńkọ́? Alága kò gbọdọ̀ kéré sí i nípò. Àwọn tó kù pẹ̀lú kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Ìyẹn ni pé bí ẹjọ́ bá kan Méjọ̀-Jẹ́nẹ́rà, àwọn jẹ́nẹ́rà ni wọ́n máa ṣà kárí ilé!

Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2019, wọ́n ní kí àwọn ṣọ́jà kan sin owó láti Sókótó lọ sí Kàdúná. Ìwé ìròyìn ní owó náà tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù náírà. Àwọn tó ń ṣọ́ owó ló sá pẹ̀lú owó. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n bọ́ aṣọ ìjọba, wọ́n kó ìbọn jù sílẹ̀, wọ́n sì pòórá. Ọ̀gágun tó jẹ́ olórí wọn ni wọ́n wá gbé lọ síwájú kóòtù ológun, Lẹ́fútẹ́náǹtì-Jẹ́nẹ́rà Lamidi Adeosun sì ni alága, nítorí ẹni tó ń jẹ́jọ́ ti ga jù fún ẹni kékeré láti dá lẹ́jọ́.

Ó dáa. Mo ní ìtàn Àkúrẹ́ kò tíì parí.

Ṣé o mọ̀ pé ìdájọ́ tí alága kà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn kì í tíì ṣe ìdájọ́? Òótọ́ ni! Ní kóòtù tèmi tìrẹ, bí adájọ́ bá ti ka ìdájọ́ tán, ẹ̀wọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ológun, ìwé ẹjọ́ ṣì máa rìnrìn àjò. Ó máa dé iwájú ọ̀gá tó láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá yẹn kò bá tíì fọwọ́ sí i, ìdájọ́ náà ò ì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó lè fọwọ́ sí i bó ṣe wà. Ó lè dín in kù. Ó lè ní òun ò gbà pé wọ́n jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi náà lè kọ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó tó mú bírò.

Ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n gbére ti Àkúrẹ́ ti dín. Láti gbére, ó bọ́ sí ọdún méje.

Bírò kan ṣoṣo!

Bí ìyẹn ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ṣì wà, kóòtù aráàlú gidi tí àwọn adájọ́ ti ń wọ aṣọ dúdú. Láti iwájú àwọn oníkàkí, ẹjọ́ á gba ibẹ̀ lọ.

Àbí o rò pé ti Àkúrẹ́ ló le jù? Gbọ́ ti Màídúgùrì.

Oṣù karùn-ún ọdún 2014. Ìgbà tí gbogbo ayé ń pariwo àwọn ọmọbìnrin Chibok nìyẹn. Bókò Háràmù lúgọ de àwọn ṣọ́jà kan lọ́nà, wọ́n sì pa nínú wọn. Wọ́n gbé òkú wọn wọ bárékè Màímàlárí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo òkú, ojú wọn yí. Ọ̀gágun tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ogun keje dé láti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀!

Ọlọ́run yọ ọ́. Kò fara pa.

Ẹni méjìdínlógún ló fojú kan kóòtù ológun ní Abuja. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n dájọ́. Ẹni márùn-ún lọ sílé. Ẹni méjìlá, ikú. Ẹnì kan tó kù?

Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára.

Inú ilé ẹjọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà! Ẹnì kan gba oṣù kan ó dín díẹ̀, ẹlòmíràn gba ìbọn.

O ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Oṣù kejìlá ọdún yẹn náà, kóòtù mìíràn jókòó. Ẹni mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀sùn? Wọ́n ní kí wọ́n lọ gba Dẹ́líwà, Bulabúlìn àti Dámbóà padà lọ́wọ́ Bókò Háràmù ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, wọn ò lọ. Àwọn ṣọ́jà ní ohun ìjà kò tó. Agbẹjọ́rò Femi Falana dúró fún wọn. Márùn-ún bọ́. Mẹ́rìnléláàádọ́ta gba ìdájọ́ ikú.

Wo ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Àwọn Àkúrẹ́ dí ọ̀nà ní ìgboro, gbére ni wọ́n dá fún wọn. Ti àwọn wọ̀nyí, iwájú ọ̀tá ni. Bí ìdìtẹ̀ bá ti ní ìwà ipá nínú, tàbí tó jẹ́ láti yẹra fún ojú ogun, ọ̀nà ikú ló gbà.

Ka iye wọn pọ̀: 12 àti 54. Ẹni 66.

Mélòó ni wọ́n wá yìnbọn pa nínú wọn? Kò sí ẹnì kan! Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, bírò tún ṣiṣẹ́. Ikú àwọn 66 di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ológun ti kọ́kọ́ pe ṣọ́jà 3,032 tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé!

Owó, owó, owó. Ṣé o mọ̀ pé kò bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ará Àkúrẹ́? Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́yìn odi Dakar, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti bá Faransé jagun, tí Jámánì ti mú lẹ́rú, dé sílé. Wọ́n ní kí Faransé san gbèsè owó oṣù wọn. Faransé yìnbọn lù wọ́n ní òwúrọ̀. Ẹni 35 ni Faransé kọ́kọ́ ní ó kú. Ní 2014, ààrẹ Faransé ní àádọ́rin ni. Àwọn òpìtàn ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni wọ́n wá gbé lọ sí kóòtù ológun lẹ́yìn ìyẹn? Àwọn tí ìbọn ò pa! Ẹni 34 ni wọ́n dá lẹ́bi ní 1945. Àwọn kan gba ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn rí ìdáríjì gbà ní 1947.

Ó dáa, ẹni tó sá lọ ńkọ́?

Ṣé o mọ̀ pé ṣọ́jà tí kò dé láti ilé lẹ́yìn ìsinmi kò tíì di ẹni tó sá? Éwọ̀ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, ó pẹ́ lẹ́yìn ni. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìsá ni èrò ọkàn rẹ̀: ṣé ó fẹ́ padà, àbí kò fẹ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ inú ènìyàn? Aṣọ! Bí wọ́n bá bá a nínú kàkí, ó lè ní òun ṣìnà. Bí wọ́n bá bá a nínú búbá, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Irú rẹ̀ ló pa Thomas Highgate, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1914. Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ márùndínlógójì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ni. Wọ́n bá a nínú abà kan ní Faransé, ó ti bọ́ aṣọ ogun, ó ti wọ aṣọ aráàlú. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi sọ fún un pé yóò kú tí wọ́n fi yìnbọn pa á.

Ẹ gbọ́ iye yìí: nínú ogun yẹn, kóòtù ológun Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ ikú lé ẹni 3,080 lórí. Mélòó ni wọ́n pa? 346. Bírò ló gba àwọn tó kù sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n dá ṣọ́jà tó lé ní 21,000 lẹ́bi pé wọ́n sá. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni wọ́n dájọ́ ikú fún. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n pa. Ọ̀kan!

Eddie Slovik lorúkọ rẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé òun sá, àti pé bí wọ́n bá ní kí òun padà sójú ogun, òun á tún sá. Ó mú ìwé náà fún alásè. Alásè, ẹni tó ń se oúnjẹ! Àwọn ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé kó fa ìwé náà ya, kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó kọ̀. Ó rò pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa fi òun sí, kí ogun sì parí lórí òun níbẹ̀. Ìwé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Jẹ́nẹ́rà Eisenhower. Bírò tó ń gba ẹlòmíràn là kò gba tirẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945 ni wọ́n yìnbọn pa á.

O wá ní: "Ó dáa, èmi á kúkú máa gbọ́ràn ní tèmi." Ọ̀rẹ́ mi, rọra.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbọràn náà lè dá ṣọ́jà lẹ́bi? Ní 1969, nígbà ogun abẹ́lé, Pius Nwaoga, ọmọ ogun Bìáfúrà, wọ aṣọ aráàlú, ó kọjá sí ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti gbà, ó sì pa ọkùnrin kan tó wà ní ilé ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní ọ̀gá òun ló rán òun. Ní 1972, Kóòtù Gíga Jùlọ Nàìjíríà ní àlàyé yẹn kò wọlé. Ìpànìyàn ni.

Àṣẹ tó bófin mu ni òfin ní kí ṣọ́jà gbọ́. Bí kò bá gbọ́ èyí tó bófin mu, ó wọ gáàdúrúùmù. Bó bá gbọ́ èyí tí kò bófin mu, ó jẹ́jọ́ ìpànìyàn. Láàárín méjèèjì, nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú kan péré ló ní láti ronú!

Mo bi bàbá oníṣájà pé kí ló máa ń ṣe bí àṣẹ bá rú u lójú. Ó yẹ báńdì aago kan wò, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Ó ní ó máa ń ní kí ọ̀gá tún un sọ, kó pariwo rẹ̀ dáadáa, kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́. Nígbà mìíràn, ó ní, bí ọ̀gá bá fẹ́ tún un sọ lójú èèyàn, á yí i padà.

Ó gba owó ṣájà mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ẹyọ kan. Thomas Highgate tó kú nínú ogun 1914 yẹn? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dárí jì í ní 2006, òun àti ẹni 305 mìíràn. Ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀! Ṣùgbọ́n ní 2000, nígbà tí wọ́n ń tún òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun ṣe ní abúlé rẹ̀, Shoreham ní Kent, àwọn ará ìlú dìbò lórí orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n má kọ ọ́. Wọ́n sì fi àyè kan sílẹ̀ lára òkúta náà, tó gba orúkọ ẹnì kan.